Bí a ṣe ń to okùnfà ikú sórí ìwé ẹ̀rí oníṣègùn nígbà tí aláìsàn bá kú sí ilé ìwòsàn

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo ṣe dókítà, ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ dá ìwé ẹ̀rí ikú kan padà sí mi. Lórí ìlà àkọ́kọ́, mo kọ ọ́ pé ọkàn àti èémí aláìsàn náà dáwọ́ dúró. Mi ò kọ nǹkan kan sí abẹ́ rẹ̀. Obìnrin tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ fi bírò pupa kọ ìbéèrè kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà: "Dókítà, kí ló dá a dúró?" Mo mọ ìdáhùn rẹ̀, torí èmi ni mo tọ́jú ọkùnrin náà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ìdáhùn yẹn gan-an ni ìwé náà ń béèrè lọ́wọ́ mi.

Àwọn dókítà tuntun tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lónìí ṣì ń ṣe irú àṣìṣe yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ mú aláìsàn kan ṣoṣo, kí a jọ to okùnfà ikú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi ni mo gbé ìtàn rẹ̀ kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí, kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Èdè tí òfin ilẹ̀ yín bá yàn ni ẹ ó fi kọ ìwé náà. Mo fi Yorùbá kọ ọ́ níhìn-ín kí ọ̀nà tí a fi ń rò ó lè hàn kedere.

Bí fọ́ọ̀mù náà ṣe rí

Àwòṣe Àjọ Ìlera Àgbáyé ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé. Apá Kìíní ní ìlà mẹ́rin: a, b, c àti d. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn tó sì pa aláìsàn náà ló ń lọ sórí ìlà a. Ohun tó fa ti ìlà a wà lórí ìlà b, ohun tó fa ti ìlà b wà lórí ìlà c, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ sísàlẹ̀. Ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú àwọn tí ẹ kọ nǹkan sí ni ìpìlẹ̀, ìyẹn àìsàn tàbí ọgbẹ́ tí gbogbo ìyókù ti bẹ̀rẹ̀. Apá Kejì wà fún àìsàn mìíràn tó dá kún ikú náà ṣùgbọ́n tí kò sí lára ohun tí ẹ tò sókè. Ní ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, àyè wà tí ẹ ó kọ bí ó ti pẹ́ tó láti ìgbà tí nǹkan náà ti bẹ̀rẹ̀ títí di ìgbà tí aláìsàn kú.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà "okùnfà" fúnra rẹ̀: okùn wà nínú rẹ̀, fífà sì wà nínú rẹ̀. Okùn kan ni ẹ ń ta látòkè dé ìsàlẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ rí ibi tó ti já.

Ìpìlẹ̀ yẹn ni wọ́n máa ń kà nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò ohun tó ń pa àwọn ènìyàn ní ìlú kan. Ẹni tó ń sọ ìwé yín di àmì kò rí aláìsàn náà rí, kò sì ní fáìlì rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí ẹ kọ nìkan ló ní. Bí ibà táífọ́ọ̀dù bá wà nísàlẹ̀ okùn yín, A01.0 ni yóò kọ lábẹ́ ìlànà ICD-10. Bí ó bá jẹ́ pé ọkàn tó dúró nìkan ni ẹ kọ, I46.9 ló máa bọ́ sí, àmì tí kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni nípa ohun tó yẹ kí a dènà.

Aláìsàn wa

Ọkùnrin ẹni ọdún 46 ni. Ó ti ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì fún ọdún 6, ìwọ̀n ṣúgà rẹ̀ kì í sì í fara balẹ̀. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún un ní ọdún 10 sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 3 oṣù, ibà mú un nílé. Ó lo oògùn díẹ̀díẹ̀, ara kò yá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 20, inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó lójijì, ìrora náà le débi pé kò lè na ẹsẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ wa ní ọjọ́ 21, inú rẹ̀ ti le bí pákó. A gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà láti fi gbin kòkòrò, a sì bẹ̀rẹ̀ oògùn apakòkòrò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 22, àwọn oníṣẹ́ abẹ la inú rẹ̀. Wọ́n rí ihò kan ní ìparí ìfun kékeré, ìgbẹ́ àti ọyún sì ti kún inú. Wọ́n rán ihò náà, wọ́n fọ inú. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀, omi àti oògùn tí a ń fún un kò sì gbé e dúró. Ní ọjọ́ 23, kò tọ̀ mọ́. Ó kú ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ 24. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, yàrá àyẹ̀wò sọ fún wa pé Salmonẹ́là Táífì ló hù nínú ẹ̀jẹ̀ tí a gbà.

Dókítà tuntun tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kọ báyìí:

Apá Kìíní
a: Ọkàn àti èémí dáwọ́ dúró
b: Ṣọ́ọ̀kì
c: Àtọ̀gbẹ
d: Ìfun lu
Apá Kejì: Ibà táífọ́ọ̀dù, iṣẹ́ abẹ, kíndìnrín kò ṣiṣẹ́, ìpá

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Gbogbo ohun tó kọ ló ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, okùn náà já, nítorí ohun tí ìwé yìí ń sọ ni pé ìfun tó lu ló fa àtọ̀gbẹ. Ẹni tó ń kọ àmì yóò rí i pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, yóò sì wá ìpìlẹ̀ mìíràn láti inú ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó mú àtọ̀gbẹ, kí ọkùnrin tí táífọ́ọ̀dù pa sì wọ inú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí àtọ̀gbẹ pa.

Kí ẹ tó mú fọ́ọ̀mù, ẹ bi ara yín bóyá ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ ọ́

Bí ikú bá tọwọ́ ìjàmbá, ìwà ipá tàbí májèlé wá, bí ẹ ò bá mọ ohun tó fà á rárá, tàbí bí ẹ bá fura pé nǹkan kan bàjẹ́ nínú ìtọ́jú, ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ kọ́rónà, ìyẹn aláṣẹ tó ń wádìí ikú, tàbí aláṣẹ mìíràn ni òfin ilẹ̀ yín ní kí ọ̀rọ̀ náà lọ. Ẹ pe ọ̀gá yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Aláìsàn tiwa kú nípa àìsàn tí a mọ̀, nítorí náà a lè tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ìtàn náà sórí ìwé lásán, pẹ̀lú ọjọ́

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù. Ẹ mú fáìlì, ẹ mú abala ìwé kan, kí ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, láti ọjọ́ tí ara aláìsàn ti kọ́kọ́ yí padà. Ìtàn tiwa yóò kà báyìí: ibà ní ọjọ́ 3, inú rírun òjijì ní ọjọ́ 20, inú tó le ní ọjọ́ 21, iṣẹ́ abẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ 22, ẹ̀jẹ̀ tó já wálẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 22, ìtọ̀ tó dá ní ọjọ́ 23, ikú ní ọjọ́ 24. Ó máa ń gba ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì ń dín ìṣòro ìyókù kù gan-an, nítorí ìtàn máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí fọ́ọ̀mù ti parí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ìpìlẹ̀

Ẹ mú ohun tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn, kí ẹ béèrè ìbéèrè tí obìnrin yẹn bi mí: kí ló fa èyí? Kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi já wálẹ̀? Kòkòrò inú ikùn ló gba gbogbo ara rẹ̀ kan, èyí tí a ń pè ní ṣọ́ọ̀kì sẹ́pítíìkì. Báwo ni kòkòrò ṣe dé inú ikùn tó fi di pẹritonáítìsì? Ìfun lu, ohun inú rẹ̀ sì dà síta. Kí ló lu ìfun? Táífọ́ọ̀dù, tó máa ń jẹ awọ ìparí ìfun kékeré, àgàgà lẹ́yìn tí ibà bá ti tó bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Kí ló fa táífọ́ọ̀dù? Ibẹ̀ ni ẹ ó ti dúró. A lè sọ pé omi tí kò mọ́ ni, ṣùgbọ́n omi kì í ṣe àìsàn, kò sì sí ohun tó fi í hàn nínú fáìlì. Àìsàn tàbí ọgbẹ́ tí ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni òpin ìbéèrè.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń fẹ́ fi àtọ̀gbẹ sí abẹ́ táífọ́ọ̀dù níbí, torí pé ó ti wà lára ọkùnrin náà fún ọdún 6, ó sì pẹ́ ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ fara balẹ̀. Ohun tó pẹ́ jù lọ kọ́ ló máa ń jẹ́ ìpìlẹ̀. Àtọ̀gbẹ kò lè fún ènìyàn ní táífọ́ọ̀dù, kòkòrò tó gba ẹnu wọlé ló ń fà á.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ ọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè

Ní báyìí, ẹ mú fọ́ọ̀mù. Èmi máa ń fi ìka mú ìlà tí ìpìlẹ̀ yóò wà, èmi á sì kọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni màá wá gòkè. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ kì í sáré kọ "ọkàn dúró" sórí ìlà a kí ọpọlọ tó rò ó. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ló wà nínú ìtàn tiwa, nítorí náà ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kún. Bí ó bá jẹ́ méjì ló wà nínú tiyín, ìlà a àti b nìkan ni ẹ ó lò, ẹ ó sì fi c àti d sílẹ̀ lófìfo. Kò sí òfin tó ní kí a wá nǹkan fi dí ìlà.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kó wà lórí ìlà kan. Bí ẹ bá kọ méjì pọ̀, ẹni tó ń kà á kò ní mọ èwo nínú wọn ló ń tọ́ka sí ìlà ìsàlẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àìsàn ní kíkún, láìgé e kúrú. Lẹ́tà méjì tó túmọ̀ sí ohun kan ní wọ́ọ̀dù yín lè túmọ̀ sí ohun mìíràn pátápátá ní ọ́fíìsì tí ìwé náà ń lọ.

Iṣẹ́ abẹ ńkọ́? Iṣẹ́ abẹ kì í ṣe àìsàn, kò sì fa ikú yìí. Nínú àwòṣe Àjọ Ìlera Àgbáyé, àyè wà lọ́tọ̀ tó ń béèrè bóyá wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ láàrin ọ̀sẹ̀ 4 tó ṣáájú ikú, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, àti àìsàn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ibẹ̀ ni ẹ ó kọ ọjọ́ 22 sí, ẹ ó sì kọ ìfun tó lu gẹ́gẹ́ bí ìdí. Bí ó bá jẹ́ pé ohun kan tó ti inú iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ wá ló pa aláìsàn, bí ẹ̀jẹ̀ tó tú lójú ibi tí wọ́n rán, ẹ ó kọ ọ́ sínú okùn, àìsàn tí wọ́n torí rẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ rántí pé irú ikú bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ti kọ́rónà.

Kíndìnrín tó dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní ọjọ́ 23 tún ń yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ọmọ ṣọ́ọ̀kì ni, ó yà bí ẹ̀ka lára rẹ̀, kò sì sí lójú ọ̀nà tó lọ tààrà láti orí táífọ́ọ̀dù. Èmi kì í kọ ọ́ nínú irú ìtàn yìí. Apá Kejì pàápàá kì í ṣe ibi tí a ń kó ohun tí Apá Kìíní bí sí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àkókò

Láti ìgbà tí nǹkan náà bẹ̀rẹ̀ lára aláìsàn ni kí ẹ kà á, kì í ṣe láti ìgbà tí ẹ rí i. Ọjọ́ 22 ni oníṣẹ́ abẹ fojú rí ihò ìfun, ṣùgbọ́n ọjọ́ 20 ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í ro aláìsàn lójijì, nítorí náà ọjọ́ 4 ni ìfun ti lu. Ọjọ́ 21 ni inú le, ìyẹn ọjọ́ 3 fún pẹritonáítìsì. Ṣọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 22, ó sì jẹ́ wákàtí 36. Ibà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3, ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 3. Ẹ lè fojú díwọ̀n bí ọjọ́ pàtó bá sọnù, ẹ sì lè kọ "bí oṣù 2" tàbí "ọdún mélòó kan". Ó sàn ju kí ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo.

Àkókò yìí ló tún ń fi àṣìṣe hàn kíá jù lọ. Bí ẹ bá ń kà á láti òkè lọ sísàlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ máa gùn sí i tàbí kó dọ́gba. Wákàtí 36, ọjọ́ 3, ọjọ́ 4, ọ̀sẹ̀ 3: ó ń lọ geere. Nínú ìwé dókítà tuntun yẹn, ọdún 6 wà lórí ìlà c, ọjọ́ 4 sì wà lórí ìlà d lábẹ́ rẹ̀. Ká ní ó kọ àkókò ni, ojú rẹ̀ ì bá ti rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Apá Kejì

Ohun kan ṣoṣo ni ẹ ó bi àìsàn kọ̀ọ̀kan tó kù nínú fáìlì: ǹjẹ́ ó jẹ́ kí ikú yìí rọrùn tàbí kó yá sí i? Àtọ̀gbẹ tí kò fara balẹ̀ máa ń dín agbára ara láti bá kòkòrò jà kù. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wọlé. Iṣẹ́ abẹ ìpá ti ọdún 10 sẹ́yìn kò ṣe nǹkan kan. Kò wọlé. Gbogbo ohun tó ti ṣe aláìsàn rí kọ́ ni a ń kó síbẹ̀.

Bí ìwé náà ṣe yẹ kó rí nìyí:

Apá Kìíní
a: Ṣọ́ọ̀kì sẹ́pítíìkì — wákàtí 36
b: Pẹritonáítìsì — ọjọ́ 3
c: Ìparí ìfun kékeré lu — ọjọ́ 4
d: Ibà táífọ́ọ̀dù, Salmonẹ́là Táífì — ọ̀sẹ̀ 3
Apá Kejì: Àtọ̀gbẹ oríṣi kejì — ọdún 6

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ kà á sókè

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ kà á jáde láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹ fi "ló fa" so wọ́n pọ̀. Ibà táífọ́ọ̀dù ló fa ìfun tó lu. Ìfun tó lu ló fa pẹritonáítìsì. Pẹritonáítìsì ló fa ṣọ́ọ̀kì sẹ́pítíìkì. Bí nọ́ọ̀sì tó dúró tì yín bá gbọ́ ọ tí kò ní ìbéèrè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé okùn náà dúró. Ní ibi tí ahọ́n yín bá ti kọ̀ láti sọ "ló fa", ibẹ̀ ló ti já. Ẹ má ṣe wá ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ padà sórí ìwé lásán tí ẹ kọ ìtàn sí.

Nígbà tí ìdánilójú kò bá pé

Ká ní àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò tíì dé nígbà tí ẹbí ń dúró de ìwé. Ibà tó gùn, ihò kan ní ìparí ìfun kékeré, àti ohun tí oníṣẹ́ abẹ fojú rí ń tọ́ka sí táífọ́ọ̀dù. Èrò tó dára jù lọ tí ẹ ní ni ìwé náà ń béèrè. Ẹ lè kọ "ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibà táífọ́ọ̀dù" sórí ìlà d. Èyí sàn ju kí ẹ gé okùn náà sórí ìfun tó lu, bí ẹni pé ó lu fúnra rẹ̀. Àyẹ̀wò Wídàl nìkan, láìsí ìtàn tó bá a mu, kò tó láti gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró, torí ó máa ń ṣini lọ́nà. Bí àbájáde bá wá dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tó sì yí èrò yín padà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣàtúnṣe ní ilẹ̀ yín, kí ẹ sì ṣe é ní tòótọ́.

Èyí tó ń ṣòro jù ni ti àgbàlagbà tó ní àìsàn mẹ́rin tàbí márùn-ún pọ̀, tí kò sí èyí tó ta yọ. Ẹ má ṣe to gbogbo wọn bí ẹni pé wọ́n ń bí ara wọn. Ẹ mú okùn tí ó dá yín lójú jù, kí ẹ tò ó, kí ẹ sì fi àwọn tó dá kún un sí Apá Kejì. Bákan náà, ọ̀rọ̀ bíi "ọjọ́ orí", "ọkàn kò ṣiṣẹ́ dáadáa" tàbí "kòkòrò wọ ẹ̀jẹ̀" kò tó láti jẹ́ ìpìlẹ̀. Kòkòrò wọ ẹ̀jẹ̀ láti ibo? Kíndìnrín, ẹ̀dọ̀fóró, ojú egbò ni? Bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, ẹ kọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, kì í ṣe ibi tó ràn dé nìkan. Jẹjẹrẹ ọmú tó ràn dé ẹ̀dọ̀ kò yẹ kó wọ inú ìwé bí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ sí i, ẹ da ọ̀rọ̀ kan náà kọ sínú fáìlì aláìsàn, ìlà dé ìlà, pẹ̀lú àkókò àti orúkọ yín. Bí ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ bá pè láti béèrè nǹkan lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tí ẹ ti kúrò ní wọ́ọ̀dù yẹn, ẹni tó bá gbé fóònù yóò lè dá wọn lóhùn.